Idà Títọ́ Ni Mo Tì Bọ Omi, Idà Títẹ̀ Ni Mo Fà Jáde

Nígbà tí mo ti idà náà bọ omi, ó tọ́ bí ọ̀pá. Nígbà tí mo fà á jáde, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹnikẹ́ni kò sì fi òòlù kàn án. Idà mẹ́ta ni mo rọ kí n tó rí èyí. Méjì àkọ́kọ́ bàjẹ́, àwọn ló sì jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó fi wà nínú omi.

Ọ̀nà àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáànù ni mo tẹ̀ lé, àwọn tó ń rọ kàtánà. Ojú idà nìkan ni wọ́n máa ń sọ di líle, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀. Irin tó ní kábọ́nì tó pọ̀ tó, bí a bá mú un gbóná títí tó fi pọ́n, tí a sì mú un tutù lójijì, á le débi pé fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Irin bẹ́ẹ̀ ló ń mú, tí mímú rẹ̀ sì ń pẹ́. Àmọ́ irin tó le tó yẹn kì í tẹ̀. Bí ohun líle bá gbá a, ńṣe ló máa ń ṣẹ́ bí àwo tó bọ́ lọ́wọ́. Bí gbogbo idà bá le láti ojú dé ẹ̀yìn, ìlà kékeré kan tó bá sán lójú lè la idà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀yìn bá rọ̀, ìlà náà á dé ibẹ̀, á dúró.

Mo ti rí irú iṣẹ́ yìí rí láìmọ ìdí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Tí bàbá náà bá rọ àdá tán, kì í sọ gbogbo rẹ̀ sínú omi. Ojú àdá nìkan ló máa ń tì bọ̀ ọ́, á dúró díẹ̀, á sì fà á jáde. Lára àdá, ìyẹn ṣeé ṣe. Idà gùn, ó sì ṣòro kí èèyàn ti ojú rẹ̀ nìkan bọ omi kó dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó. Amọ̀ ni àwọn ará Jàpáànù fi yanjú rẹ̀: wọ́n á fi amọ̀ bo ẹ̀yìn idà nípọn, wọ́n á sì ti gbogbo rẹ̀ bọ omi.

Irin ni mo kọ́kọ́ ronú lé. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tó ń rọ irin, ó sì ń ṣe àdá tó dára gan-an. Kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Kírómíọ̀mù sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kírómíọ̀mù sì máa ń jẹ́ kí irin le kódà bí kò bá tutù kíákíá. Ẹ̀yìn idà tí mo fi amọ̀ bò á le pẹ̀lú ojú, asán ni iṣẹ́ amọ̀ á sì jẹ́. Irin tí mo fẹ́ ni èyí tó jẹ́ pé bí kò bá tutù wàràwàrà, kò ní le rárá. Mo ra èyí tí wọ́n ń pè ní 1095. Kábọ́nì inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ohun mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn kò sì tó nǹkan.

Mo rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sẹ̀ǹtímítà 45 ní gígùn. Ẹ̀yìn wọn nípọn tó mìlímítà 7, gbogbo wọn sì tọ́, nítorí mo fẹ́ rí ohun tí omi nìkan lè ṣe.

Amọ̀ náà, mo po amọ̀ amọ̀kòkò pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú eédú àti lẹ́búlẹ́bú òkúta ìpọ́nrin. Amọ̀ lásán máa ń sán bó bá gbẹ, á sì bọ́ nínú iná. Eédú àti òkúta ni kì í jẹ́ kó sún kì. Mo kọ́kọ́ fi omi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa gbogbo ara idà, títí kan ojú rẹ̀. Èèyàn lè rò pé amọ̀ lójú idà á dí ìtutù lọ́wọ́. Bó bá fẹ́lẹ́ tó, ìdàkejì ló ń ṣe. Nígbà tí irin gbígbóná bá kan omi, ooru omi á bò ó bí aṣọ, kò sì ní jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ kàn án. Ara amọ̀ tó rí gọ́gọ̀gọ́gọ̀ ló máa ń tú aṣọ ooru yẹn ká. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi èyí tó nípọn tó mìlímítà 3 bo ẹ̀yìn, ó fi ìwọ̀n ìbú ìka kan jìnnà sí ojú. Mo fi okùn amọ̀ tín-ín-rín fa ìlà láti ẹ̀yìn wá sí ojú, léraléra. Àwọn ìlà yẹn á fi irin rírọ̀ díẹ̀díẹ̀ sáàárín ojú líle, tó fi jẹ́ pé bí ojú bá já níbì kan, ibi tó já kò ní fẹ̀. Mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko.

Idà àkọ́kọ́, epo ni mo tì í bọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí omi, nítorí gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí ló sọ pé omi máa ń sán irin. Nígbà tí mo fà á jáde, ó tẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú ló tẹ̀ sí bíi dòjé. Ó dùn mí gan-an, n kò sì lóye rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Idà kejì, omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ ni. Mo ti fi fáìlì rẹ́ ojú rẹ̀ títí kò fi tó mìlímítà kan mọ́, iná tí mo fún un sì ti pọ̀ jù. Kò pẹ́ tó wọ omi tí mo gbọ́ tó dún “pín!” bí ìgbà tí gíláàsì bá sán. Mo mọ̀ kí n tó wò ó. Ìlà mẹ́ta ló la ojú rẹ̀ ní òró. Lójú àwọn ará Jàpáànù, irú ìlà bẹ́ẹ̀ lójú idà ti pa idà náà, nítorí ibẹ̀ ló máa gbà ṣẹ́. Àwọn kan kéré débi pé èèyàn ní láti fi epo pa á, kó nù ún, kó sì wò ó bóyá epo á tún máa yọ jáde.

Mo fi ojú ìkẹta sílẹ̀ ní mìlímítà 2. Kí n tó fi amọ̀ sí i, mo mú un gbóná lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì jẹ́ kó tutù nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wàhálà tí òòlù kó sí i lára lè rọlẹ̀. Mo mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ dé nǹkan bíi dígírì 40. Mo dúró di alẹ́, mo sì pa gbogbo iná mọ̀nàmọ́ná, bí àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáànù ṣe máa ń ṣe, torí pé nínú òkùnkùn nìkan lojú lè ka àwọ̀ irin dáadáa. Mo ń fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò. Ní nǹkan bíi dígírì 770, òòfà kì í fa irin mọ́. Nígbà tí kò fà á mọ́, mo fi í sínú iná díẹ̀ sí i títí gbogbo ojú fi pọ́n bákan náà láti ìdí dé ṣóńṣó, mo sì tì í bọ omi, ojú nísàlẹ̀, ní gbọọrọ.

Mo rí i lójú ara mi. Ṣóńṣó rẹ̀ kọ́kọ́ tẹrí ba. Ojú ló kọ́kọ́ tutù, gbogbo irin tó bá ń tutù sì ń sún kì, nítorí náà ojú kúrú ju ẹ̀yìn lọ, ó sì fa idà wálẹ̀. Ibi tí idà inú epo dúró sí nìyẹn. Epo kì í gba ooru kíákíá tó omi, ìyàtọ̀ àárín ojú àti ẹ̀yìn kò pọ̀ tó, ohun tó yẹ kó tì í padà kò sì lágbára tó.

Nínú omi, ó padà. Bí ojú bá já wálẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 200 láìtíì ráyè yí padà lójú ọ̀nà, àwọn átọ̀mù inú rẹ̀ á tò lọ́nà tuntun. Kábọ́nì tí kò ráyè jáde á há sáàárín wọn. Ohun tó sọ irin di líle nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ni maténsáìtì. Ó sì ń gba ààyè ju irin gbígbóná tó ti wá lọ, ó lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Nítorí náà, ojú wú, ó sì gùn. Lábẹ́ amọ̀, ẹ̀yìn ṣì gbóná, ó rọ̀, ó sì gbà kí ojú tì í. Nígbà tí ẹ̀yìn náà wá tutù, òun sún kì, àmọ́ ojú ti le, kò lè bá a sún kì mọ́. Ojú gùn, ẹ̀yìn kúrú, ṣóńṣó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo mọ̀ ọ́n lára ẹmú tí mo fi dì í mú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Ojú fẹ́ gùn sí i, ẹ̀yìn kò gbà fún un, nítorí náà ó wà bí ohun tí a tẹ̀ mọ́ra. Kí ìlà tó lè sán lára irin tí a tẹ̀ mọ́ra, ipá tó fẹ́ là á ní láti kọ́kọ́ tú títẹ̀ yẹn. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀yìn ń dá ìlà dúró, ó tún ń bá ojú di ara rẹ̀ mú.

Ẹ má ṣe rò pé omi nìkan ló ń fún kàtánà ní títẹ̀ tó ní. Alágbẹ̀dẹ lè ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lórí owú kó tó fi amọ̀ sí i, ó sì lè fi bàbà gbígbóná kan ẹ̀yìn rẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún lẹ́yìn omi, kó fi tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ idà títọ́ á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ìhà ojú, kí omi wá nà án. Ọ̀nà yìí náà ní ibi tó kù sí. Bí ẹ̀yìn rírọ̀ bá tẹ̀ lójú ìjà, kì í padà fúnra rẹ̀. Àwọn idà Yúróòpù tí wọ́n sọ di líle pátá, tí wọ́n sì yáná fún títí tí wọ́n fi ń ta bíi sípíríǹgì, máa ń padà.

Mo fi idà náà sínú ààrò ilé ìdáná ní dígírì 200 fún wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì, kí líle ojú lè rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi fáìlì kàn án: ó yọ̀ lójú, ó jẹ ẹ̀yìn. Mo na òwú láti ìdí dé ṣóńṣó, àlàfo tó wà láàárín òwú àti ẹ̀yìn idà sì jẹ́ mìlímítà 9.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pọ́n ọn lórí òkúta. Mo wá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbóná pa á lára, ààlà ojú àti ẹ̀yìn sì yọ jáde, funfun bí èéfín, ó ń lọ sókè sódò níbi tí mo ti fa àwọn ìlà amọ̀. Hámọ̀n ni wọ́n ń pè é ní Jàpáànù. Ó ku ibì kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ìdí, tí amọ̀ ti bọ́ nínú iná láìjẹ́ pé mo rí i. Hámọ̀n gòkè níbẹ̀ dé ẹ̀yìn, fáìlì sì ń yọ̀ lórí ẹ̀yìn níbẹ̀ bó ṣe ń yọ̀ lójú. Bí idà yìí bá máa ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni. Mo ti po amọ̀ ìkẹrin, lẹ́búlẹ́bú eédú inú rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.