Tọ́bò kejì kú láàárín oṣù méje: bí mo ṣe rí ohun tó ń pa á

Òkè kan ni mo ń gùn ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹrù kún ẹ̀yìn fáànù mi, ni mo bá gbọ́ súfèé. Bí mo bá tẹ ọkọ̀ kó sáré, súfèé náà á ròkè. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀, á wálẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ ò lágbára mọ́. Èéfín aláwọ̀ aró ń tú jáde lẹ́yìn mi ní gbogbo àárọ̀, mo sì ń bu ọ́ìlì tó tó lítà kan kún ẹ́ńjìnnì lọ́sẹ̀ méjì méjì.

Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ́ńjìnnì, ni ọkàn mi lọ sí. Ohun tó dùn mí jù ni pé oṣù méje péré ni ó lò. Ẹni tó bá mi pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ yọ ti àtijọ́ kúrò, ó de tuntun mọ́ ọn, ó sì gba owó rẹ̀. Kò wo ibòmíràn. Mo pe bọ̀dá kan tó ti ń tún ọkọ̀ dísẹ́lì ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé. Wọ́n ní, “Àbúrò, má tíì ra òmíràn. Tọ́bò kì í dédé kú. Wá ohun tó pa á ná.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, bọ̀dá,” mo sì gba ìsinmi ọjọ́ méjì.

Ẹ́ńjìnnì fáànù náà jẹ́ dísẹ́lì 1.6 tí wọ́n ń pè ní DV6, ó sì wà nínú onírúurú ọkọ̀ kékeré.

Atẹ́gùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí hóòsì tó ya lè mú kí ọkọ̀ súfèé kó sì rẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé tọ́bò bàjẹ́ rárá. Mo yọ hóòsì tó ń gbé atẹ́gùn wọ tọ́bò, mo fi ìdérí oníke tí mo ti fi fáàfù táyà sí dí ẹnu tọ́bò pa, mo sì rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i títí tí géèjì fi sún mọ́ 15 psi. Lẹ́yìn náà ni mo ń wọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Níbi tí hóòsì ti kúrò lára íńtákúlà, ohun tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù, ọṣẹ hó yẹ́ẹ́. Rọ́bà róbótó tó wà nínú oríkèé náà ti gan bí awọ gbígbẹ, ọ́ìlì sì ti rin ìdọ̀tí mọ́ ìta rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Súfèé aláriwo yẹn lọ. Ṣùgbọ́n igbe tínrín kan ṣẹ́ kù, ó ń han bí sáírẹ́nì ọkọ̀ ọlọ́pàá tó wà lókèèrè. Ohùn méjì ló ti ń dún pọ̀ látẹ̀yìnwá, etí mi ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohùn kejì yìí wá láti inú tọ́bò fúnra rẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, mo tún yọ hóòsì, mo sì fi ìka méjì di orí ṣáàfù mú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bẹ́árìn tọ́bò ń léfòó lórí ọ́ìlì ni, torí náà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ṣáàfù tó dára náà á mì díẹ̀ sókè sódò. Ìyẹn nìkan ò ní kó o sọ ọ́ nù. Ohun tó yẹ kó o wò ni bóyá ó ń lọ síwá sẹ́yìn, àti bóyá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń kan ògiri ilé rẹ̀. Tèmi ń lọ síwá sẹ́yìn, ó ń dún kọ̀, kọ̀. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí i, mo rí ojú ibi tó ti ń ha ògiri, ó ń dán bí ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Tọ́bò kékeré báyìí lè yí ju ìgbà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tí ọ́ìlì bá wọ́n án fún ìgbà díẹ̀, ó parí.

Ọ́ìlì tún wà nínú íńtákúlà, ó tó ife tíì kan. Má fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì lè fa ọ́ìlì yẹn mu bí ẹni mu epo, kó máa sáré fúnra rẹ̀, kó má sì kú bó o tilẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn tí mo yọ tọ́bò, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an: páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wá fún un. Bóòtù oníhò ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, asẹ́ kékeré kan sì wà nínú bóòtù náà, kò ju orí ìka ọmọdé lọ. Mo gbé e sẹ́nu, mo fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn kankan ò kọjá. Mo fi abẹ́rẹ́ họ inú rẹ̀, ẹ̀rún dúdú líle ń jábọ́ bí èédú tó jóná tán. Inú páìpù náà ti dí kù bí ihò abẹ́rẹ́. Tọ́bò tuntun oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n so mọ́ páìpù yìí.

Níbo ni èédú ti dé inú ọ́ìlì? Mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ìdí ínjẹ́tọ̀ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ́n dísẹ́lì sínú ẹ́ńjìnnì, kún fún ọ̀dà dúdú tó le bí òkúta. Wọ́ṣà bàbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, èéfín iná sì ń gba ibẹ̀ yọ, ó ń ti ẹ̀rún èédú sínú ọ́ìlì. Mo yọ gbogbo ínjẹ́tọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fọ ojú ibi tí wọ́n jókòó sí títí irin fi hàn, mo sì fi wọ́ṣà tuntun sí wọn. Iṣẹ́ yẹn nìkan gba odindi ọjọ́ kan. Mo tú abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Kí ọ́ìlì dà láti ẹnu ihò rẹ̀ nìkan ò tó, ẹrẹ̀ dúdú ṣì ń kù nísàlẹ̀, asẹ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì sì wà nínú rẹ̀.

Mo ra tọ́bò mìíràn, páìpù tuntun àti bóòtù tí kò ní asẹ́ nínú. Mo tún fọ páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sísàlẹ̀, nítorí tí ìyẹn bá dí, ọ́ìlì á kó sínú tọ́bò, á sì gba ẹ̀gbẹ́ ṣáàfù wọ síláńsà, bí tọ́bò tilẹ̀ jẹ́ tuntun. N kò fi gáàmù kankan sí oríkèé ọ́ìlì. Gáàmù tó já lè dí ọ̀nà ọ́ìlì, kó sì pa tọ́bò kẹta.

Kí n tó tan ọkọ̀, mo fi ọ́ìlì mímọ́ kún ihò orí tọ́bò, mo sì fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀. Mo yọ wáyà ínjẹ́tọ̀, mo tẹ sítátà díẹ̀ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gòkè. Lẹ́yìn náà ni mo dá wáyà padà, mo gbé páìpù ìpadàbọ̀ sínú ìgò, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 60. Ó kéré tán, 0.3 lítà ló yẹ kó jáde. Tèmi lé ní 0.4.

Èéfín ò tán lọ́jọ́ náà. Ọ́ìlì tó ti wà nínú síláńsà ló ń jóná. Ọjọ́ kejì ló dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn máìlì 1,000, mo tún pààrọ̀ ọ́ìlì, mo gé fílítà sí méjì, mo sì tẹ́ bébà rẹ̀ sínú oòrùn. Ẹ̀rún dúdú mélòó kan ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, mo máa tún un pààrọ̀ ní máìlì 3,000, kí n tó padà sí ìgbà tí ìwé ọkọ̀ sọ.