Géèjì ń ka 1, omi á hó ní mélòó? Àṣìṣe táwọn èèyàn máa ń ṣe lórí dáyágíráàmù omi

Ìbéèrè kan wà tí mo fi máa ń dán àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi wò. Ìkòkò prẹ́ṣọ̀ wà lórí iná, géèjì ẹ̀ ń ka 1 atm, omi inú ẹ̀ máa hó ní mélòó? Ẹ wò ó lórí dáyágíráàmù omi, ìyẹn àwòrán tí prẹ́ṣọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ẹ̀, tí ìwọ̀n ìgbóná wà nísàlẹ̀, tí àwọn ìlà inú ẹ̀ sì pín yìnyín, omi àti oru sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sọ fún mi o. Ìdáhùn mẹ́ta náà ni mo sábà máa ń rí, 100, 107 àti 120, ọ̀kan péré ló tọ̀nà nínú wọn, àmọ́ àwọn méjì tó kù náà níbi tí wọ́n ti wá.

Àwọn tó ní 100, ẹlòmíì nínú wọn ò tiẹ̀ wo dáyágíráàmù rárá, ohun tó ti há sórí láti JSS ló kọ. Àwọn míì wò ó, wọ́n kàn wá 100 nísàlẹ̀ wọ́n sì gùnkè láti ibẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, prẹ́ṣọ̀ ni wọ́n fún yín, ẹ̀gbẹ́ òsì tí prẹ́ṣọ̀ wà lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé rúlà sùn síbẹ̀ ní ìbú, ẹ rìn lọ sápá ọ̀tún, ìlà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá gé ni ti yíyọ́, èkejì ni ti híhó, ibi tẹ́ ẹ bá ti gé e lẹ máa ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ka ìwọ̀n ìgbóná nísàlẹ̀. Àwọn tó tún dùn mí jù ni àwọn tó mọ gbogbo èyí, àmọ́ tí wọ́n gbé rúlà sórí 1. Géèjì ìkòkò kì í ka afẹ́fẹ́ tó ti ń tẹ̀ wá láti ìta, ohun tó lé lórí ẹ̀ nìkan ló ń kà, dáyágíráàmù ní tiẹ̀ sì ń ka gbogbo ẹ̀ pátá. 1 ti géèjì pẹ̀lú 1 ti ìta, 2 atm nìyẹn. Tó bá jẹ́ 100 ni lóòótọ́, kí la wá fẹ́ fi ìkòkò olówó ńlá ṣe?

107 ni mo fẹ́ràn jù torí ọmọ tó ní i ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ó mọ̀ pé 2 ni, ó gbé rúlà ní ìbú, àmọ́ ó ṣi 2 mú. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ òsì dáadáa: 0.01, 0.1, 1, 10, 100, àyè àárín wọn dọ́gba bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń fi mẹ́wàá sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, kò sì sí òdo níbẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá ti rí i báyẹn, ìwọ̀n lọ́gì ni. Ká ní sẹ́ńtímítà 6 ló wà láàárín 1 sí 10, ọmọ yẹn pín in sí mẹ́sàn-án ọgbọọgba ó fi 2 sí bíi 0.7, ṣùgbọ́n 1.3 atm ló wà níbẹ̀. Ibi tí 2 wà gan-an ni 1.8, kò fi bẹ́ẹ̀ tó ìdá mẹ́ta ọ̀nà. Láti ibẹ̀ lẹ máa bá 120.

Ìlà yíyọ́ ńkọ́? Ti omi fì sápá òsì, ti ọ̀pọ̀ nǹkan míì fì sọ́tùn-ún, káábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì wà lára wọn, àwọn ọmọ á sì kàn ya ti omi bíi tiwọn. Ìdí ẹ̀ ni pé yìnyín gba àyè ju omi lọ (ẹni tí ìgò ẹ̀ ti bẹ́ rí nínú fírísà mọ èyí), torí náà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fẹ́ di omi kó lè rí àyè kékeré dúró sí. Àmọ́ ẹ má fi rúlà wọn fífì yẹn o, torí ọ̀pọ̀ ìwé ló ń fẹ̀ ẹ́ kó lè hàn. Nínú ìkòkò wa tó jẹ́ 2 atm, yíyọ́ ò tíì kúrò ní nǹkan bí 0, kódà tó bá di 100 atm, kò ju bíi 0.7 lọ nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bá ka −20 fún 100 atm, àwòrán ló tàn án.

Èyí tó kù ni pé kí wọ́n máa fipá wá ìdáhùn síbi tí ò sí. Àwọn ìlà mẹ́ta pàdé ní oríta kan, 0.006 atm àti 0.01 °C. Ẹ gbé rúlà sí 0.001, ìlà kan ṣoṣo lẹ máa gé, yìnyín á di oru tààrà, kò yọ́ kò sì hó, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lókè náà, ìlà híhó já ní 374 °C àti nǹkan bí 218 atm, ẹ má fa ìlà kún un. Ní 300 atm, ẹ gbé rúlà yín débi tó wù yín sápá ọ̀tún, ẹ ò ní bá ibi tí omi ti ń hó.