Bí a ṣe ń ra ọ́pṣọ̀n lórí àdéhùn ọjọ́ iwájú ti epo rọ̀bì: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ti mọ ọ́pṣọ̀n ìpín

Ẹni tó ti mọ ọ́pṣọ̀n lórí ìpín ilé-iṣẹ́ dunjú ló sábà máa ń ṣìṣe jù nígbà tó bá kọ́kọ́ dé ibi ọ́pṣọ̀n àdéhùn ọjọ́ iwájú, nítorí pé lójú fèrèsé ẹ̀rọ, méjèèjì jọra bí ìbejì. Ọ́pṣọ̀n ríra wà, ọ́pṣọ̀n títà wà. Ọ̀kan fún yín ní ẹ̀tọ́ láti rà ní iye tí ẹ ti fẹnu kò sí, èkejì fún yín ní ẹ̀tọ́ láti tà. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá lo ẹ̀tọ́ náà. Ọ́pṣọ̀n ìpín máa ń gbé ìpín fún yín. Ọ́pṣọ̀n àdéhùn ọjọ́ iwájú máa ń gbé àdéhùn mìíràn fún yín, ìyẹn àdéhùn láti ra ọjà tàbí tà á ní ọjọ́ kan tó ń bọ̀, tí ó ní ọjọ́ ìparí tirẹ̀ àti ewu tirẹ̀.

Epo rọ̀bì WTI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń tà ní ọjà NYMEX lábẹ́ CME Group, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì máa fi í wé ọ́pṣọ̀n ìpín ilé-iṣẹ́ ExxonMobil, tí àmì rẹ̀ lójú ẹ̀rọ jẹ́ XOM.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ àdéhùn tó wà lábẹ́ ọ́pṣọ̀n náà

Àmì àdéhùn ọjọ́ iwájú ti WTI ni CL, ti ọ́pṣọ̀n tó wà lórí rẹ̀ sì ni LO. Lẹ́yìn àmì yìí ni lẹ́tà oṣù máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ọdún. Z dúró fún Oṣù Kejìlá, nítorí náà LOZ4 jẹ́ ọ́pṣọ̀n lórí CLZ4, èyí tí í ṣe àdéhùn epo tí wọn yóò gbé fún olùrà nínú Oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Kò sí iye kan ṣoṣo tí a ń pè ní iye WTI níbí. Àdéhùn oṣù kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, ti Oṣù Kejìlá sì lè ga tàbí kéré sí ti Oṣù Kẹta. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́pṣọ̀n yín ní èrè nínú, iye àdéhùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye epo tí wọ́n kà nínú ìròyìn. Ẹni tó ń ra ọ́pṣọ̀n XOM kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé ìpín kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo oṣù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ọjọ́ méjì sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan

Ọ́pṣọ̀n oṣooṣù ti ìpín máa ń parí ní Ọjọ́ Ẹtì kẹta nínú oṣù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ọ́pṣọ̀n XOM ti Oṣù Kejìlá ọdún 2024 parí ní ọjọ́ 20 Oṣù Kejìlá, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni ti lè rò.

Ti epo kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àdéhùn CL máa ń parí ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ 25 oṣù tó ṣáájú oṣù ìgbépo, bí ọjọ́ 25 náà bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ka ọjọ́ mẹ́ta náà sẹ́yìn. Ọ́pṣọ̀n LO náà á tún wá parí ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú àdéhùn yẹn. Nítorí náà, CLZ4 parí ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 20 Oṣù Kọkànlá ọdún 2024, LOZ4 sì ti parí ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 Oṣù Kọkànlá. Ẹni tó gbọ́ “Oṣù Kejìlá” tó sì fọkàn balẹ̀ dúró de Oṣù Kejìlá ti pẹ́ ní oṣù kan gbáko.

Ẹ kọ ọjọ́ ìparí ọ́pṣọ̀n sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìparí àdéhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlàfo kékeré tó wà láàárín méjèèjì ni ewu tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fara pamọ́ sí, a ó sì padà wá síbẹ̀. Bí ẹ bá ń ra ọ́pṣọ̀n ọ̀sẹ̀, ẹ tún wò ó dáadáa, nítorí pé àlàfo tirẹ̀ lè gùn ju èyí lọ tàbí kó kúrú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ iye orí ẹ̀rọ di owó

Ọ́pṣọ̀n XOM kan dúró fún ìpín 100. Bí ẹ bá rí 2.10 lójú ẹ̀rọ, dọ́là 210 ni ẹ ó san. Ọ́pṣọ̀n LO kan dúró fún àdéhùn CL kan, àdéhùn CL kan sì jẹ́ àgbá epo 1,000. Òǹkà 2.10 kan náà di dọ́là 2,100, ìyípadà sẹ́ńtì kan ṣoṣo sì jẹ́ dọ́là 10.

Owó tí ẹ san yìí kọ́ ló yẹ kó jẹ yín lọ́kàn jù. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ ṣírò: bí iye àdéhùn yín bá jẹ́ dọ́là 70 fún àgbá kan, epo tó tó dọ́là 70,000 ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọ́pṣọ̀n kan ṣoṣo. Fún ẹni tí àpò rẹ̀ kò gba bẹ́ẹ̀, àdéhùn kékeré MCL wà, èyí tó jẹ́ àgbá 100, ọ́pṣọ̀n sì wà lórí rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà ìpín ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá lo ẹ̀tọ́ yín

Ẹ jẹ́ ká fi iye tí mo kàn mú fún ìṣirò ṣe é. Ẹ ra ọ́pṣọ̀n ríra LO kan tí iye tí ẹ fẹnu kò sí jẹ́ dọ́là 70, ẹ sì san dọ́là 2,100. Ní ọjọ́ ìparí ọ́pṣọ̀n náà, iye tí ọjà fi pa àdéhùn CL dé lọ́jọ́ yẹn jẹ́ dọ́là 74.50. Ọ́pṣọ̀n yín ní èrè nínú, nítorí náà ẹ̀tọ́ náà yóò ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹnikẹ́ni kò ní gbé epo wá fún yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kò sì ní san dọ́là 70,000. Wọn yóò kọ ọ́ sínú àkáǹtì yín pé ẹ ti ra àdéhùn CL kan ní dọ́là 70. Nítorí pé ọjà ti wà ní 74.50, wọn yóò fi ìyàtọ̀ dọ́là 4.50 lórí àgbá 1,000, ìyẹn dọ́là 4,500, kún owó yín. Bí ẹ bá yọ dọ́là 2,100 tí ẹ ti san kúrò, èrè yín jẹ́ dọ́là 2,400. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, alágbàtà yóò béèrè owó ìdánilójú lọ́wọ́ yín fún àdéhùn náà, wọn yóò sì máa ṣírò èrè àti òfò yín lójoojúmọ́. Bí epo bá já dọ́là kan wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, dọ́là 1,000 ti fò lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì di àdéhùn náà mú kọjá ọjọ́ ìparí rẹ̀, ẹ ti gbà láti gba àgbá epo 1,000 ní ìlú Cushing, ìpínlẹ̀ Oklahoma, níbi tí àwọn táńkì ńláńlá wà. Ọ̀pọ̀ alágbàtà kì í jẹ́ kí oníbàárà lásán dé ibẹ̀. Wọn á ti bá a ta àdéhùn náà tipátipá kó tó di bẹ́ẹ̀, ní iye yòówù tí ọjà bá wà.

Ẹ wá fi wé XOM. Ẹni tó ra ọ́pṣọ̀n ríra tí iye tó fẹnu kò sí jẹ́ dọ́là 110 tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ yóò san dọ́là 11,000, yóò sì gba ìpín 100. Láti ọjọ́ 28 Oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ni ó ń gbà kí owó àti ìpín tó pààrọ̀ ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpín náà ti di tirẹ̀. Kò ní ọjọ́ ìparí, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, iye rẹ̀ kò sì lè kéré ju òdo lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pinnu kí ọjọ́ ìparí tó dé

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ẹni tó ra ọ́pṣọ̀n kò lè pàdánù ju owó tó san lọ. Òótọ́ ni, títí di ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà bá ṣiṣẹ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2020 fi èyí hàn kedere.

Ọ́pṣọ̀n LO ti Oṣù Karùn-ún parí ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 Oṣù Kẹrin. Iye tí wọ́n fi pa àdéhùn CL ti Oṣù Karùn-ún dé lọ́jọ́ náà jẹ́ dọ́là 19.87. Ẹ jẹ́ ká rò ó pé ẹnìkan ní ọ́pṣọ̀n ríra tí iye tó fẹnu kò sí jẹ́ dọ́là 19. Èrè sẹ́ńtì 87 wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́: ó ti ra àdéhùn kan ní 19, dọ́là 870 sì wọlé fún un. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17, wọ́n pa ọjà dé ní 18.27, ó pàdánù dọ́là 1,600. Bóyá ó ní kí òun sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀, kí òun tà á lọ́jọ́ Ajé. Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20, àyè ìpamọ́ epo ti ń tán ní Cushing, àjàkálẹ̀ àrùn ti dá ọkọ̀ dúró káàkiri ayé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba epo. Wọ́n pa àdéhùn náà dé ní dọ́là 37.63 nísàlẹ̀ òdo. Bí ó bá ṣì dì í mú, dọ́là 55,900 ló pàdánù lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, àròpọ̀ òfò rẹ̀ láti orí 19 sì jẹ́ dọ́là 56,630, láìka owó tó fi ra ọ́pṣọ̀n náà. Ọjọ́ ìparí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ kò tíì pé. Ọjọ́ 21 ni.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá fẹ́ àdéhùn náà gan-an, ẹ ta ọ́pṣọ̀n yín kí ọjọ́ ìparí rẹ̀ tó dé. Títà rẹ̀ tún sàn ju lílo ẹ̀tọ́ ṣáájú àkókò lọ, nítorí pé iye ọ́pṣọ̀n tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì kù máa ń ju èrè inú rẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì lo ẹ̀tọ́ ti sọ àlékún yẹn nù. Bí ẹ bá ti gbàgbé tí àdéhùn sì ti wọ àkáǹtì yín, ẹ tà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjà CL kì í sùn ju wákàtí kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wò ó bóyá owó ni ó ń parí sí

Kì í ṣe gbogbo ọ́pṣọ̀n orí WTI ló ń di àdéhùn. Èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ AO, tó dá lórí ìpíndọ́gba iye epo láàárín oṣù, owó nìkan ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀. Ojú ìwé àlàyé ọjà kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì CME Group ni wọ́n kọ èyí sí, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀nà ìparí. Ẹ kà á kí ẹ tó san owó, kí ẹ sì bi alágbàtà yín ní ìbéèrè méjì: aago mélòó ni òun máa ń ti ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ ìparí, àti ohun tí òun yóò ṣe bí ẹ̀tọ́ yín bá ṣiṣẹ́ tí owó ìdánilójú kò sì sí nínú àkáǹtì. Àwọn kan máa ń ta ọ́pṣọ̀n náà fúnra wọn ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú ìparí, àwọn mìíràn á jẹ́ kí àdéhùn wọlé, wọn á sì tà á lẹ́yìn náà kí wọ́n tó pe yín.