Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń fi owó ìpolówó àti ọjà títà wé ètò ìnáwó

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkáńtì ní Yábàá fi ìròyìn oṣù rẹ̀ hàn mí. Ohun tó kọ síwájú ìpolówó ni pé: “Owó kọjá ètò nítorí pé a ná ju bí a ṣe gbèrò lọ.” Ìyẹn kì í ṣe àlàyé rárá. Ó sì ń dùn mí, torí irú rẹ̀ ló ń mú kí ọlọ́jà gé owó tí kò yẹ kó gé, kó sì lé ẹni tí kò ṣẹ̀ dànù.

1. Kíkọ iye kan ṣoṣo sínú ètò. Bí ẹ bá kọ “ìpolówó: 2,000,000 náírà” nìkan, kò sóhun tí ẹ máa rí tú palẹ̀ lópin oṣù. Ẹ kọ iye oníbàárà tí ẹ ń retí, àti iye tí ẹ máa ná kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dé.

2. Ẹ má ka owó pátákó ìpolówó oṣù mẹ́fà sí oṣù tí ẹ san án nìkan. Ẹ pín in sí mẹ́fà.

3. Wíwo àròpọ̀ nìkan. Èyí ló ń bí mi nínú jù.

Ní oṣù keje 2023, mo ń bá Àlàájà kan tó ń ta báàgì ní Balógun, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣe ìwé owó. Oṣù karùn-ún la ti kọ ètò oṣù náà. A ní ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò mú ènìyàn 4,000 wá béèrè ọjà lórí Wọ́ọ̀sáàpù, ní 500 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan nínú mẹ́rin yóò ra báàgì kan ní 20,000 náírà. Ìpolówó jẹ́ mílíọ̀nù 2, ọjà mílíọ̀nù 20.

Nígbà tí oṣù parí, ìpolówó ti gba 2,560,000, ọjà sì wọlé ní mílíọ̀nù 20.7. Inú Àlàájà dùn, àfìgbà tó gbọ́ pé báàgì 900 la tà dípò 1,000.

“Àwọn ọmọ tó ń dáhùn fóònù yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Màá dín wọn kù.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi di ọ̀la.”

Mo jókòó, mo ya iye ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lórí Excel, bí ètò bá wà ní òpó B àti C, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sì wà ní D àti E, iye ènìyàn ló ṣíwájú, owó ló tẹ̀ lé e:

```
=(D2-B2)*C2
=(E2-C2)*D2
```

Ènìyàn 3,200 ló wá, 800 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ná wa. Àwọn 800 tí kò wá dín ìnáwó kù ní 400,000, àmọ́ 300 náírà tó gun orí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi 960,000 kún un. Ó ku 560,000 tí a fi kọjá ètò. A ná owó púpọ̀ sí i, a sì rí ènìyàn díẹ̀.

Dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó ìpolówó náà. A fi dọ́là kan sí 470 náírà nínú ètò. Ní oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú iye dọ́là sílẹ̀, 752 la sì wá ń rà á. Ẹ pín 500 sí 470, ẹ pín 800 sí 752: dọ́là kan ó lé díẹ̀ ni méjèèjì. Ìpolówó fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Ká ní iye dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló lọ sókè ni, àwòrán ìpolówó tàbí àwọn tí a ń fi í hàn ni ǹ bá yẹ̀ wò. Ènìyàn sì dín kù torí pé ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà ni Àlàájà fúnra wọn ní ká pa ìpolówó, nígbà tí wọ́n rí bí náírà ṣe ń jáde.

Ó wá kan àwọn ọmọ yẹn. Nínú ènìyàn 3,200, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin bá rà, báàgì 800 ni. Wọ́n ta 900. Àìtó ènìyàn mú mílíọ̀nù 4 lọ, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dá mílíọ̀nù 2 padà, owó báàgì tó ti di 23,000 sì fi mílíọ̀nù 2.7 kún un. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lé gan-an ló gba oṣù náà là.

Àṣìṣe kan tún wà tó jọ èyí: kí ẹ rò pé ìṣirò yìí lè sọ bóyá owó báàgì tó gun lé oníbàárà sá. Kò lè sọ ọ́. Mo ní láti ka ọ̀rọ̀ orí Wọ́ọ̀sáàpù kí n tó mọ iye àwọn tó dákẹ́ lẹ́yìn tí a dárúkọ owó.

Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má fi iye tí ojú ìpolówó kọ pé ó wá béèrè ṣiṣẹ́. Ẹ ka iye àwọn tó kọ̀wé sórí fóònù yín.

Àlàájà ò dín ẹnikẹ́ni kù. Ní ètò oṣù kẹjọ, dọ́là la fi kọ ìpolówó, iye tí a fẹ́ rà á sì ní ìlà tirẹ̀.