Bí mo ṣe gé ìpè ìpàdé wa sí ìlà méjì

Ojúewé àtẹ̀jíṣẹ́ 480 ni ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi ìpè ránṣẹ́ sórí fóònù gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa lórí ìpàdé kan ṣoṣo, èèyàn 11 péré ló sì wá. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, tí mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwa 48 tí a jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Lójú tèmi, àtẹ̀jíṣẹ́ kan fún ẹnì kan, 48 náà nìyẹn. Àṣé ojúewé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń kà lórí olúkúlùkù. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí ju owó lọ ni àwọn mẹ́rin tó dé ní aago 4, nígbà tí a ti tú ká. Aago 2 ni mo pè wọ́n sí. Nígbà tí mo tún ìwé náà kà ni mo rí i pé mo ti kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ìpàdé tó kọjá, “èyí tí a ṣe ní aago 4.” Aago àkọ́kọ́ tí ojú wọn bá pàdé nìyẹn, wọn ò sì ka ìyókù.

A ò pé iye tó lè dìbò, a ní láti tún ìpàdé pè. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ìlà méjì ni, ojúewé kan ni.

Gígé rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbà mí lákòókò. Ìkíni, ìdúpẹ́, ìtàn bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọlé, gbogbo rẹ̀ ni mo yọ. Ohun tí mo wá fi sílẹ̀ ni èyí tí ẹni tó ń gun ọkọ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀: ọjọ́, aago, ibi tí a ó ti pàdé, ohun tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀, àti ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ìlà kan lórí fóònù mi ń gba nǹkan bíi lẹ́tà 40, bí fóònù bá sì wà ní títì, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń yọjú. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ àti aago fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

Ìpàdé Ọjọ́ Àbámẹ́ta 14/6 aago 2, yàrá kejì
A ó dìbò lórí òrùlé, ẹ dáhùn

Inú mi dùn sí i. Mo ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka àlàfo, mo ka bíbọ́ sí ìlà kejì pẹ̀lú: 69. Mo ti mọ̀ pé 70 ni ààlà ojúewé kan. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ẹ̀rọ tí mo fi ń ránṣẹ́, ó ní ojúewé 2.

Mo tún un kà, 69. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, ojúewé 2. Nǹkan bíi wákàtí kan ni mo fi ń bá a fà á. Mo rò pé àlàfo kan wà níparí tí ojú mi ò rí, kò sí. Mo rò pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè wọ́n kí n bá wọn jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí àwa tó ń kọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí ń ná lówó jù. Àtẹ̀jíṣẹ́ ní àkójọ àwọn lẹ́tà kan tó mọ̀. Bí gbogbo ohun tí o kọ bá wà nínú àkójọ yẹn, ojúewé kan gba lẹ́tà 160. Bí ẹyọ kan péré bá wà níta rẹ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà bọ́ sí ètò kejì, níbi tí ojúewé kan ti ń gba 70. Bí ó bá sì ju ojúewé kan lọ, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí wọ́n yọ àyè díẹ̀ fún ohun tí fóònù fi ń so wọ́n pọ̀. Ìpè mi àkọ́kọ́ jẹ́ 640, ẹ fi 67 pín in, ẹ ó rí ibi tí ojúewé 10 ti wá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé à, è, ì, ò, ù àti é wà nínú àkójọ àkọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n á, í, ó, ú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ.

Èyí tó wá mú 69 mi di ohun mìíràn ni pé ẹ̀rọ kì í ka lẹ́tà bí ojú ṣe ń kà á. Ẹ ka “Ọjọ́ Àbámẹ́ta” pẹ̀lú àlàfo àárín rẹ̀: 11 ni lójú wa. Lójú ẹ̀rọ, 13 ni. Ẹyọ kan ni ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá tún gbé àmì ohùn lé e lórí, àmì ohùn yẹn di ẹyọ mìíràn lọ́tọ̀. Bákan náà ni ẹ́. Ibi tí méjì ti yọ kún un nìyẹn: 69 di 71. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ owó di ìlọ́po méjì lórí èèyàn 48!

Ẹnì kan ní kí n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò kí n lè rí 160 lò. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ wo “A o dibo.” Ṣé a ó dìbò ni, àbí a ò dìbò? Ẹni tó bá kà á sí èkejì á jókòó sílé rẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ni mo máa yọ, n kò ní yọ àmì.

Mo fi “Sátidé” rọ́pò “Ọjọ́ Àbámẹ́ta.” Ẹyọ 13 di 6, àpapọ̀ wá jẹ́ 64. Ó ku àyè mẹ́fà, “lónìí” pẹ̀lú àlàfo iwájú rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà géérégé:

Ìpàdé Sátidé 14/6 aago 2, yàrá kejì
A ó dìbò lórí òrùlé. Ẹ dáhùn lónìí

Àádọ́rin láìlé láìdín, ojúewé 1. Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí.

Alága ò kọ́kọ́ gbà. “Akọ̀wé, ṣé bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyí? Kò sí ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan?” Mo ní, “Ẹ má bínú sà, ‘ẹ dáhùn’ la kọ, a ò kọ ‘dáhùn.’ Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀. Ìkíni tó kù, ẹnu la ó fi kí wọn ní yàrá kejì.” Ó wò ó títí, ó ní kí n fi ránṣẹ́.

Kó tó di alẹ́, èèyàn 31 ti dáhùn. Èèyàn 35 ló jókòó ní Sátidé, a dìbò, kò sì sẹ́ni tó dé ní aago 4.

“Lónìí” yẹn nìkan ni mo kábàámọ̀. Àwọn mẹ́ta pa fóònù wọn lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó rí i, “lónìí” tiwọn sì ti di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ gan-an ló yẹ kí n kọ. Mo ti tún ìlà kejì náà ṣe sínú ìwé mi: “Ìdìbò lórí òrùlé, ẹ dáhùn ní 11/6.” Pẹ̀lú ìlà àkọ́kọ́, 69 ni, lójú mi àti lójú ẹ̀rọ.