Ọgbẹ́ kékeré tó ń wú: ìgbà wo ló di ti antibáyọ́tíìkì?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀bẹ gé mi ní ìka ìfábẹ̀lá lọ́jọ́ Àìkú. Òní Ọjọ́rú, etí ọgbẹ́ náà wú díẹ̀, ó sì gbóná. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ antibáyọ́tíìkì ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbé oògùn kankan mì. Bírò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi fa ìlà yí ibi tó wú ká, níbi tí wíwú náà parí sí gẹ́lẹ́, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo ọgbẹ́ ló máa ń wú díẹ̀, tó sì máa ń gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ya lọ síbẹ̀ láti tún ibẹ̀ ṣe. Èyí kì í fẹ̀, etí ọgbẹ́ nìkan ló máa ń wà, ìrora rẹ̀ sì máa ń dín kù lójoojúmọ́. Ti kòkòrò yàtọ̀: ọgbẹ́ tó ti ń fúyẹ́ á ṣàdédé yí padà ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín ju tàná lọ, wíwú rẹ̀ á sì máa rìn.

Ẹni tí awọ ara rẹ̀ dúdú kò gbọdọ̀ dúró de kí ibẹ̀ pupa. Ó lè má pupa rárá. Ohun tí ẹ máa rí ni awọ tó tún dúdú sí i tàbí tó rí bí àwọ̀ àlùkò, tó ń dán, tó sì le. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka ọwọ́ kejì kan ibẹ̀, kí ẹ tún fi kan ibòmíràn lára ọwọ́ kan náà. Ẹ̀yìn ìka máa ń mọ ooru ju ojú lọ.

Títí di ọ̀la, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi fasilíìnì tínrín pa á, kí ẹ sì fi pílásítà bò ó. Ẹ pààrọ̀ pílásítà náà lójoojúmọ́, tàbí nígbàkígbà tó bá tutù. Ẹ fi sípíríìtì sílẹ̀, àti omi oògùn tó máa ń hó lójú egbò. Bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò ni wọ́n ń pa ẹran tuntun tó ń hù.

Bó bá di àárọ̀ ọ̀la tí wíwú náà kò kọjá ìlà, ẹ máa bá fífọ̀ lọ. Bó bá ti kọjá, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Antibáyọ́tíìkì wà fún ohun tó ti ń rìn lábẹ́ awọ, níbi tí ọṣẹ kò lè dé. Bí ọyún bá sì ti kó jọ sínú, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó rọ̀ bẹ̀jẹ̀bẹ̀jẹ̀, oògùn nìkan kì í sábà tó. Dókítà ló máa là á kí ọyún náà jáde.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọmọrí agolo ló gé mi ní àtàǹpàkò. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta mo fa ìlà ní aago 8. Nígbà tí mo jí ní aago 6 àárọ̀, wíwú náà ti fi ìwọ̀n ìka méjì kọjá ìlà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tí n kò fà ti gùn dé ọrùn ọwọ́ mi, kókó kan sì ń dùn mí lábíyá. Kò sí ọyún kankan lójú ọgbẹ́ náà o! Dókítà fún mi ní oògùn ọjọ́ 7. Ní ọjọ́ kìíní tí mo lò ó, wíwú náà tún fẹ̀ díẹ̀, ọkàn mi sì fò. Kò yẹ kó fò, nítorí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ti padà sínú ìlà. Ká ní ó ṣì ń fẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni, ǹ bá padà lọ kí wọ́n yí oògùn náà.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ torí wọn fa ìlà kankan. Bí gbogbo ìka náà bá wú yíká, tó ká kò, tí ẹ bá sì fẹ́ nà án tó dùn yín wọra, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, nítorí kòkòrò ti lè wọ inú àpò iṣan ìka. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí òtútù bá ń gbọ̀n yín, tí ẹ ń mí gúlegúle, tàbí tí ọ̀rọ̀ yín kò já gaara mọ́, tàbí tí ìrora náà pọ̀ kọjá ohun tí ojú rí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la ní tirẹ̀.

Ìbéèrè: Omi gbígbóná dà sí mi lẹ́yìn ọwọ́ níjẹta. Yìnyín ni mo gbé lé e. Ó lé ròrò, ó sì ti bẹ́. Omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ń jáde níbẹ̀. Ṣé ọyún nìyẹn?

Ìdáhùn: Bí omi náà bá mọ́ tí ẹ lè rí òdìkejì rẹ̀, kì í ṣe ọyún. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọyún máa ń ki, ó máa ń ṣú, ó sì sábà máa ń rùn.

Nígbà mìíràn, ẹ gbàgbé yìnyín, torí ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń ba awọ tó ti jóná jẹ́ sí i. Omi ẹ̀rọ lásán ni, ogún ìṣẹ́jú gbáko, láàárín wákàtí 3 tó ṣẹlẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú. Ní báyìí, ẹ rọra fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fa awọ tó bo ojú ibẹ̀ ya, ẹ fi gọ́ọ̀sì tí ẹ ti fi fasilíìnì pa bò ó. Kò sí ìdí láti máa lo antibáyọ́tíìkì de kòkòrò tí kò tíì dé.

Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni bí ojú egbò náà bá yí padà: ó tutù, ó sì pọ́n lánàá, ó wá di eérú-eérú tàbí dúdú lónìí, ó ń rùn, tàbí etí rẹ̀ ń wú lọ. Bó bá jẹ́ funfun tàbí tó gan bí awọ bàtà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì dùn yín, iná ti wọlé jìnnà nìyẹn, ẹ lọ lónìí. Iná tó bá ju àtẹ́lẹwọ́ yín pẹ̀lú ìka lọ, tàbí tó kan ojú, oríkèé tàbí ojú ara, kì í ṣe ti ilé. Fún ọmọdé, bí ibà, èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ara sísú bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí iná jó o, bí ojú egbò náà tilẹ̀ dára, ẹ má dúró. Oró kòkòrò ti lè wọ ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè: Mo máa ń tú ìyẹ̀fun kápúsù sójú egbò, ó sì máa ń gbẹ. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ohun tó gbẹ ni ìyẹ̀fun náà. Ó di èèpá, ó sì bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Inú ikùn ni wọ́n wọn kápúsù fún, kì í ṣe ojú egbò, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń yún wìnnìwìnnì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìṣó tó dípẹtà ló gún mi lẹ́sẹ̀. Kò wú, ó ti ń san. Ṣé mo ṣì nílò abẹ́rẹ́?

Ìdáhùn: Bó bá ti ju ọdún 5 lọ tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọgbẹ́ kékeré tó mọ́, ọdún 10 ni. Ẹni tí kò rántí ìgbà tó gbà á, tàbí tí kò gbà á pé rí, kó lọ lónìí. Ẹ má wo bí ojú ibẹ̀ ṣe dára sí, nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọgbẹ́ náà ti dí pátápátá.