Bí mo ṣe yanjú jíjí aago márùn-ún ìdájí tí ọmọ mi ń jí

Ìlú Máńṣẹ́sítà là ń gbé, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà òtútù, òkùnkùn ṣì máa ń wà níta títí aago mẹ́jọ àárọ̀ á fi kọjá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi a sì máa sùn bí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ó ti pé ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì ti yí padà. Kí aago márùn-ún tó lù, á ti dìde dúró lórí ibùsùn rẹ̀, á máa pè mí: "Màmá, ilẹ̀ ti mọ́!"

Òótọ́ ló sì ń sọ. Ní oṣù yẹn, ojúmọ́ ti máa ń là ní ìlú wa láti nǹkan bí aago mẹ́rin, oòrùn á sì yọ kí aago márùn-ún tó lù. Nígbà tí mo ròyìn fún màmá mi lórí fóònù, kò yé wọn rárá. Ní Ìbàdàn tí wọ́n wà, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń yọ ní oṣù kẹfà. Tí ọmọ bá jí láago márùn-ún níbẹ̀, ariwo ló jí i, tàbí ebi, kò lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó pẹ́ kó tó sùn lálẹ́. Ọmọ tó bá pẹ́ sùn á pẹ́ jí."

Mo gba ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ kan náà, ìyẹn sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni Àbẹ̀kẹ́ máa ń sùn. Mo ní kó dúró di aago mẹ́jọ. Láti aago méje ló ti ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ń subú lulẹ̀ láìsí ohun tó kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún nítorí pé búrẹ́dì rẹ̀ já sí méjì. Lọ́jọ́ kejì, aago 4:40 ló jí, ẹkún ló sì fi jí. Aago inú ara kì í sún síwájú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá fi wákàtí kan ààbọ̀ pẹ́ sùn lónìí, àkókò jíjí á ṣì wà níbi tó wà, wákàtí kan ààbọ̀ oorun á sì ti lọ. Ọmọ tó ti rẹ̀ jù kì í sì í sùn wọra. Ó máa ń ta jí.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo àwọn ọmọdé nílé ló tọ́ mi sọ́nà. Kò fún mi ní oògùn kankan, kò sì dá mi lẹ́bi. Ìbéèrè kan ló bi mí: nígbà tí ọmọ bá ti jí láago márùn-ún, kí ni mo máa ń ṣe? Mo sọ fún un pé mo máa ń gbé e lọ sí pálọ̀, mo máa ń fún un ní wàrà gbígbóná, mo sì máa ń tan kátúùnù fún un kí n lè sinmi díẹ̀ lórí àga. Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó yí ohunkóhun padà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Àárín aago 4:45 sí 5:10 ló ń jí ní gbogbo ọjọ́ méjèèje. Oorun ọ̀sán rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì, láti aago 12:30 sí 2:30. Tí mo bá ro wákàtí mẹ́wàá ààbọ̀ ti òru pọ̀ mọ́ méjì ti ọ̀sán, wákàtí méjìlá ààbọ̀ ni. Ohun tí àwọn dókítà oorun sì ń sọ ni pé ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí méjì nílò wákàtí 11 sí 14, pẹ̀lú oorun ọ̀sán nínú rẹ̀. Èyí yà mí lẹ́nu. Èrò mi ni pé oorun kò tó ọmọ mi. Ó tó o. Ó kàn ń tètè bẹ̀rẹ̀ ni, ó sì ń tètè tán.

Ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jí láago 4:15, mo lọ jókòó sórí ilẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ láì tan iná. Kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé, mo sì ti gbà pé yàrá náà ṣókùnkùn. Kò ṣókùnkùn. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan wọlé láti òkè kọ́tìnnì, ó ta sórí àjà, ògiri ẹ̀gbẹ́ sì ń funfun díẹ̀díẹ̀. Láago 4:35, mo ti lè ka orúkọ tó wà lára agolo ìpara rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Àwọn ẹyẹ ti ń ké. Àbẹ̀kẹ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó tún yí padà, ó wá la ojú. Kò sí ariwo kankan, ibùsùn rẹ̀ kò tutù, ebi kò sì tíì pa á. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni.

Ohun tó fà á tí àkókò náà fi léwu tó bẹ́ẹ̀ ni pé oorun òru kì í rí bákan náà látòkèdélẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun máa ń wúwo jù. Bó bá ti di ìdájí, èyí tó pọ̀ jù nínú àárẹ̀ tó gbé ọmọ sùn ti lọ, oorun ti fúyẹ́, àlá sì máa ń pọ̀ sí i. Mẹlatonínì, ohun tí ọpọlọ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, náà á ti máa lọ sílẹ̀. Ohun tí kò lè ta ọmọ jí láago mẹ́wàá alẹ́ á jí i kíá láago márùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ tún ń ṣe ju pé kó jí i lọ. Àwọn nǹkan kan wà nínú ojú tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti ríran, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń sọ fún ọpọlọ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ó ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ojú ní ìdájí máa ń fa aago inú ara sẹ́yìn, débi pé ara á fẹ́ tètè jí lọ́jọ́ kejì. Ti ìrọ̀lẹ́ máa ń tì í síwájú, kí oorun lè pẹ́ díẹ̀. Iná pálọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n tí mo ń tàn láago márùn-ún ń kọ́ ara ọmọ mi pé àkókò náà gan-an ni òwúrọ̀. Wàrà náà sì ń kọ́ inú rẹ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀ láago márùn-ún.

Fèrèsé ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo ra bébà fọ́ìlì tí a fi ń wé ẹran, mo fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa ara gíláàsì, mo sì lẹ fọ́ìlì náà mọ́ ọn. Omi ọṣẹ yẹn tó láti dì í mú, mo kàn fi téèpù bá etí rẹ̀. Mo gbé kọ́tìnnì náà sókè sí i kó lè bo òkè férémù, mo sì rí i pé okùn rẹ̀ kò sí nítòsí ibùsùn, torí okùn kọ́tìnnì lè há mọ́ ọmọ lọ́rùn. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó tó ni pé mo na ọwọ́ síwájú ojú mi láago márùn-ún, n kò sì rí ìka mi.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aago 5:15 ló ń jí. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara ti mọ àkókò rẹ̀ lórí. Nítorí náà mo fi àárọ̀ kún un. Bó bá jí, n kò gbé e jáde mọ́. Màá wọlé, màá jókòó tì í nínú òkùnkùn, màá rọra sọ pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, màá sì fún un lómi tó bá béèrè. Kò sí wàrà, kò sí fóònù lọ́wọ́ mi, kò sí ìtàn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ le, ó sunkún gan-an lọ́jọ́ kejì, èmi náà sì fẹ́ gbé e jáde. Aago mẹ́fà ni mo wá máa ń ṣí kọ́tìnnì pátá, màá tan iná, màá kí i pé "Ẹ káàárọ̀ o, Àbẹ̀kẹ́", gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo fẹ́ kí ìyàtọ̀ òru àti òwúrọ̀ hàn sí i kedere.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó padà sí ọ̀rọ̀ màmá mi, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí mo fi ṣe é ni kò dára. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń fi kún àkókò oorun rẹ̀, màá sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó tún fi kún un: 6:45, 7:00, 7:15, 7:30. Ọjọ́ méjìlá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Oúnjẹ alẹ́ àti ìwẹ̀ náà ń sún pẹ̀lú rẹ̀, torí pé bí ọmọ bá ti jẹun láago márùn-ún tí kò sì sùn títí di aago méje ààbọ̀, ebi á tún dá sí i. Mo gé oorun ọ̀sán sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ń jí i kí aago méjì tó lù. Lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a máa ń jáde lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, kí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lè wọ ojú rẹ̀ dáadáa. Tó bá ku ìdajì wákàtí kó sùn, a ó wọlé, màá fa kọ́tìnnì, a ó sì tan iná kékeré nìkan. Ìyẹn ṣe pàtàkì níbí, torí oòrùn kì í wọ̀ ní oṣù kẹfà títí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ á fi kọjá.

Ní 7:15 ni nǹkan fẹ́ dàrú. Ó jí láago 4:55 lọ́jọ́ kìíní, ọkàn mi bà jẹ́. N kò sún un síwájú, n kò sì dá a padà sẹ́yìn. Ọjọ́ márùn-ún la lò níbẹ̀ dípò mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ méjìlá fi di mẹ́rìnlá. Ohun tí mo ń wò ni bó ṣe ń jí. Bó bá jí pẹ̀lú ẹkún, tó sì ń wá ibi tó máa sùn sí láago mẹ́sàn-án àárọ̀, oorun kò tó o, kí n má sún un. Bó bá jí tó ń bá ọmọ lángidi rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti sùn tó.

Nígbà tí oṣù keje fi máa dé ìdajì, aago 6:10 sí 6:25 ló ń jí. Kò dé aago méje rí, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọdé ló jẹ́ pé aago mẹ́fà ni òwúrọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó tún padà sí aago márùn-ún nínú òkùnkùn náà, tó ń di etí mú. Dókítà wò ó, etí ló ń dùn ún. Fọ́ìlì kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì náà sì ti kìlọ̀ fún mi pé ọmọ tó bá ń hanrun ní gbogbo òru, tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró díẹ̀ kó tó tún mí, dókítà ló yẹ kó rí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì.

Àìkú ìgbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan níbí, tí 6:15 á sì di 5:15 lójijì. Mo ti mọ̀. Láti ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ni mo ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá sún àkókò oorun rẹ̀ síwájú, àti oúnjẹ àti ìwẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú náà, aago mẹ́fà kù ìṣẹ́jú márùn-ún ló jí. Òkùnkùn ṣì wà níta. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bó fọ́ìlì kúrò lójú fèrèsé, mo fọ gíláàsì náà, mo sì ká a sínú àpótí di oṣù kẹrin.